Bí mo ṣe gbé ohùn Yorùbá lé fídíò ìfínko

Fídíò oníṣẹ́jú 6 kan ni wọ́n gbé fún mi ní Ìlọrin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi páǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn apakoríko láì ṣe ara ẹni léṣe. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Òmù-Àrán ló máa wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ni àwòrán tí kò ní àkọlé lára, pẹ̀lú orin rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ní i. Ká ní wọn ò ní i ni, àpótí dúdú ni ǹ bá máa fi bo gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú àwòrán.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo kà á sórí fóònù lóru nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, mo sì gbé e sábẹ́ àwòrán kí n lè wo ibi tó bọ́ sí. Ibi àkọ́kọ́ gan-an ló ti yẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé: "Kí ẹ tó ṣí ìgò oògùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́." Yorùbá náà dára, àmọ́ ìbọ̀wọ́ ló ń lọ lójú àwòrán nígbà tí ẹnu ń pe ìgò, ìgò sì yọ nígbà tí ẹnu ń pe ìbọ̀wọ́. Àgbẹ̀ tó bá ń wo ọwọ́ olùkọ́ máa gbọ́ òdì ohun tó ń rí. Mo yí i padà: "Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó ṣí ìgò." Láti ìgbà náà, ibi tí orúkọ ohun kan ti gbọ́dọ̀ bọ́ ni mo kọ́kọ́ ń sàmì sí, lẹ́yìn náà ni mo wá ń to gbólóhùn yí i ká.

Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù ni fífọ ìgò tó ti ṣófo. Ìṣẹ́jú àáyá 6 ni àwòrán náà fi wà lójú kó tó kọjá. Ohùn tèmi gba 9: "Ẹ fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa da omi tí ẹ bá fi ṣan án sínú páǹpù, ẹ má dà á sílẹ̀." Mo gbìyànjú láti mú ohùn yára, ṣùgbọ́n àmì ohùn ń pòórá, "ṣan" ń fẹ́ dún bí "ṣàn". Mo gé ọ̀rọ̀ kù: "Ẹ ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi rẹ̀ sínú páǹpù, ẹ má dà á sílẹ̀ rárá." Tí a bá kà á pẹ̀lẹ́, 8 ni. N ò lè gé "ẹ má dà á sílẹ̀" kúrò, nítorí omi náà ṣì ní oògùn nínú. Mo bá dá àwòrán dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2.

Àṣìṣe mi ni pé mo ti to àkọlé kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àkọlé tó tẹ̀ lé e wá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 ṣíwájú: "Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́" ti yọ nígbà tí ọkùnrin náà ṣì gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Mo fi Aegisub, ètò tí mo fi ń to àkọlé, sún gbogbo wọn pa pọ̀ kí wọ́n lè fi ìṣẹ́jú àáyá 2 pẹ́ sí i kí wọ́n tó yọ.

Àmì orí àti ìsàlẹ̀ náà ò jẹ́ kí n sinmi. Mo kọ́kọ́ fi drawtext, irinṣẹ́ tí ètò fídíò ffmpeg fi ń kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán, kọ àkọlé, àmì orí ẹ́ àti ọ́ sì kúrò lórí lẹ́tà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ́ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e, ohun tó ń ya lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé wọn léra. Ffmpeg tí mo ní ò mọ̀ ọ́n nínú drawtext. Mo wá gbé àkọlé náà sínú fáìlì `.ass`, mo yan fọ́ǹtì Noto Sans, ó sì tò:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf "ass=akole.ass" -c:a copy jade.mp4
```

Mo gbé e lọ sí Òmù-Àrán. Nígbà tí àwòrán ìgò dúró, Màmá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ na fóònù sí mi: "Ọmọ mi, fóònù rẹ ti háǹgì o." Mo ní, "Rárá, Màmá, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn." Wọ́n ti gbójú kúrò níbẹ̀, wọn ò sì gbọ́ "ẹ má dà á sílẹ̀" rárá.

Mo yọ ìdádúró náà kúrò. Dípò rẹ̀, mo mú kí àwòrán ibi tí wọ́n ti ń mi ìgò lọ ní ìyára 75 nínú ọgọ́rùn-ún, tí 6 fi di 8. Omi tó ń mì nínú ìgò ò fi hàn pé ẹnikẹ́ni dẹ àwòrán lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 2 kan náà ló fi gùn, nítorí náà kò sí àkọlé kankan tí mo tún ní láti sún. Nígbà tí Màmá tún wò ó, wọ́n ń bá olùkọ́ kà á: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.