Ọ̀nà Kám̀pù ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń ti Ketu lọ sí ìsìn òru ní Kám̀pù Rìdẹ́m̀ṣọ̀n, Ketu níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti pinnu ọ̀nà. Ẹ yẹ máàpù fóònù wò. Bí ó bá pupa láti Arepo dé Mowe, ẹ má kọrí sí Berger rárá, torí ẹni tó bá ti wọ Ibafo kì í tètè rí ibi yà sí. Ẹ gba Mile 12 lọ sí Ikorodu, kẹ́ ẹ gba Odogunyan àti Ogijo dé Sagamu, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí màrósẹ̀, kẹ́ ẹ dojú kọ Èkó padà. Ẹ ó wá ti ìhà Ibadan wọ Kám̀pù. Ọ̀nà náà jìn gan-an, kòtò àti tírélà sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ kúrò nílé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ohun tó ń dí iwájú géètì ni bọ́ọ̀sì tó ń já èrò sílẹ̀ lójú títì, àtàwọn tó ń sọ èjìká ọ̀nà di ọ̀nà kẹta. Bí ọkọ̀ bá dúró pátápátá nígbà tó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ dé, kí èrò bọ́ọ̀lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Dírẹ́bà nìkan ni kó dúró ti ọkọ̀ (àgbàlagbà tí kò lè rìn náà, dájúdájú). Ẹ ti fẹnu kò síbi ìpàdé kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń kú níbi tí èrò bá pọ̀ tó yẹn.

Ẹ fi imú ọkọ̀ kọ ojú ọ̀nà àbájáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń páàkì.