Owó olùpèsè wọ àkántì tí kì í ṣe tirẹ̀: bí mo ṣe tún un kọ

Ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹrin ni. Ọmọ tó máa ń to orúkọ àwọn tí a fẹ́ sanwó fún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n fi àwọn tó bá wa tún ẹ̀rọ ṣe sí i? Ìwé ní a ṣì jẹ wọ́n ní 165,000."

Mo ní kó dúró ná. Èmi fúnra mi ni mo fi owó ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ 28, Oṣù Kẹta, 240,000 ni mo sì san. Mo ṣí àkọsílẹ̀ báńkì, owó ti jáde lóòótọ́. Nígbà tí mo wá wo ibi tí ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà wa kọ ọ́ sí, inú àkántì Ohun Ìkọ̀wé ni mo ti bá a, láàárín pépà àti yíǹkì ìtẹ̀wé. A kì í ná tó ìdá mẹ́rin iye yẹn lórí ohun ìkọ̀wé lóṣù.

Ohun tó fà á kò le. Ètò náà máa ń kó àkọsílẹ̀ wọlé láti báńkì, ó sì ní òfin kan tí ẹnìkan kọ sínú rẹ̀ tipẹ́: ohunkóhun tí ọ̀rọ̀ `SUPPLIES` bá wà nínú àlàyé rẹ̀, kó lọ sí Ohun Ìkọ̀wé. Orúkọ àwọn atúnẹ̀rọṣe yìí sì ní ọ̀rọ̀ náà nínú. Ẹ̀rọ gbé e síbẹ̀, èmi náà tẹ "gbà á" láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí ni ọwọ́ mi ti yá ju orí mi lọ. Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: àtúnṣe ẹ̀rọ ni owó náà wà fún, ó lọ sí ohun ìkọ̀wé, kí n ṣáà gbé e láti ibì kan sí ibì kejì. Mo kọ ọ́ pé kí Àtúnṣe Ẹ̀rọ gba dẹ́bíìtì 240,000, kí Ohun Ìkọ̀wé gba kirẹ́dìtì 240,000. Òsì àti ọ̀tún dọ́gba, ètò náà kò bá mi jà. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé nígbà tí nǹkan kan ní kí n wo àkántì Àtúnṣe Ẹ̀rọ. 405,000 ló wà níbẹ̀. Gbèsè 165,000 yẹn náà kò sì tíì kúrò níbi tó wà.

Mo jókòó padà. Kí ló sọ 240,000 di 405,000?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ọjọ́ 12, Oṣù Kẹta, ọjọ́ tí ínfọ́ìsì wọn wọlé. Bí a bá ti tẹ ínfọ́ìsì sínú ìwé, ìnáwó ti di kíkọ nìyẹn, bí a kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ náà, Àtúnṣe Ẹ̀rọ gba dẹ́bíìtì 165,000, àkántì Gbèsè Olùpèsè sì gba kirẹ́dìtì 165,000. Nígbà tí owó bá wá jáde ní báńkì lẹ́yìn náà, kì í ṣe ìnáwó mìíràn ló ṣẹlẹ̀. Gbèsè la san. Dẹ́bíìtì owó tó jáde yẹn kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú àkántì ìnáwó, ìbáà jẹ́ ti pépà ìbáà jẹ́ ti ẹ̀rọ. Gbèsè Olùpèsè ló yẹ kó lọ, kó pa kirẹ́dìtì tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà, àṣìṣe inú ìwé wa ju pé a kọ orúkọ kan sí ipò òmíràn. A ti ka iṣẹ́ kan náà sí ìnáwó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ínfọ́ìsì wọlé, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí a sanwó. Èrè Oṣù Kẹta kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò sì yí èyí padà rárá, torí pé láti inú ìnáwó kan sí ìnáwó kejì ló gbé iye náà; àpapọ̀ ìnáwó kò dín.

Mo ti wá rí i pé kí n tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kí n ti béèrè ìbéèrè kan: ṣé ínfọ́ìsì iṣẹ́ yìí ti wọ ìwé rí? Bí kò bá tíì wọlé, tó jẹ́ pé lọ́wọ́ lọ́wọ́ la rà á tí a sì sanwó rẹ̀, a jẹ́ pé gbígbé e láti àkántì ìnáwó kan sí òmíràn ti tó. Bó bá ti wọlé, Gbèsè Olùpèsè ni dẹ́bíìtì máa lọ. Kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ ṣí ojú ewé olùpèsè yẹn: bí ẹ bá rí ínfọ́ìsì tí ẹ kò rí owó tó san án, tí ẹ sì mọ̀ pé owó ti jáde ní báńkì, ọ̀rọ̀ ti yé yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa kò tíì tán. 165,000 ni ínfọ́ìsì, 240,000 ni mo san. 75,000 ńkọ́? Ìwé àkópọ̀ gbèsè tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù ni mo fi sanwó, iṣẹ́ méjì ló sì wà lórí rẹ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti fi ínfọ́ìsì kejì ránṣẹ́ láti ọjọ́ 20, Oṣù Kẹta. Inú àpótí lẹ́tà orí ayélujára ẹnìkan tó wà ní ìsinmi ló wà, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Ó di pé nǹkan méjì ló dàpọ̀ nínú owó kan ṣoṣo: 165,000 tí a ti kọ sí ìnáwó, àti 75,000 tí a kò tíì kọ síbì kankan gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe ẹ̀rọ. Mo lè fi ìlà mẹ́ta parí rẹ̀: dẹ́bíìtì Gbèsè Olùpèsè 165,000, dẹ́bíìtì Àtúnṣe Ẹ̀rọ 75,000, kirẹ́dìtì Ohun Ìkọ̀wé 240,000. Iye á bára mu. Èmi kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣe é báyìí, ínfọ́ìsì kejì kò ní sí lójú ewé olùpèsè náà láéláé, lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sì padà rí i nínú àpótí lẹ́tà, yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ohun tuntun, a ó sì tún san án.

Mo kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ òdìkejì pa èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe rẹ́. N kò nù ún kúrò. Ẹni tó bá ń yẹ ìwé wò gbọ́dọ̀ lè rí i pé mo ṣe é, mo sì tún un ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Lẹ́yìn náà mo tẹ ínfọ́ìsì kejì wọlé bí a ṣe ń tẹ ínfọ́ìsì gbogbo: Àtúnṣe Ẹ̀rọ gba dẹ́bíìtì 75,000, Gbèsè Olùpèsè gba kirẹ́dìtì 75,000. Gbèsè tó wà lórúkọ wọn wá di 240,000, bí iye tí mo san gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo kọ àtúnkọ gidi:

Dẹ́bíìtì: Gbèsè Olùpèsè, 240,000
Kirẹ́dìtì: Ohun Ìkọ̀wé, 240,000

Mo kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ pé owó ọjọ́ 28, Oṣù Kẹta, tó wọ Ohun Ìkọ̀wé ní àṣìṣe, ló san ínfọ́ìsì méjì, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fọwọ́ kan báńkì. Iye tó jáde tọ́, ọjọ́ rẹ̀ tọ́, a sì ti fi ìwé wa wé ìwé báńkì fún Oṣù Kẹta. Bí mo bá nu àkọsílẹ̀ owó yẹn kí n tó tún un tẹ̀, ìfiwéra tí a ti parí yóò tú, màá sì dá iṣẹ́ méjì sílẹ̀ níbi tí ẹyọ kan wà.

Ohun kan wà tó máa ń mú ènìyàn níbí. Gbèsè Olùpèsè kì í ṣe àkántì lásán. Àpapọ̀ ni, orúkọ olùpèsè kọ̀ọ̀kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ dẹ́bíìtì síbẹ̀ láìfi orúkọ olùpèsè sórí ìlà náà, àpapọ̀ á dín, ojú ewé olùpèsè kò ní dín, àwọn méjèèjì kò sì ní bára mu mọ́. Àwọn ètò kan kì í tilẹ̀ gbà á láìsí orúkọ. Tiwa máa ń gbà á. Mo fi orúkọ sí i. Síbẹ̀ náà, nígbà tí mo wo àkójọ gbèsè, ínfọ́ìsì méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tí a kò san, àtúnkọ mi sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí 240,000 tí kò mọ ibi tó ń lọ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n ẹni tó ń to orúkọ owó sísan ínfọ́ìsì ló ń wò, kì í wo àpapọ̀. Mo ní láti ṣí àtúnkọ náà kí n so ó mọ́ ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan, 165,000 fún ọ̀kan, 75,000 fún èkejì, kí wọ́n tó kúrò.

Ó ku ọ̀rọ̀ oṣù. A ti ti Oṣù Kẹta pa, ìròyìn rẹ̀ sì ti dé ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣí i padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún." Ó wò mí. "Bí o bá ṣí i, ìwé tí mo fún wọn àti ìwé tó wà lórí kọ̀ǹpútà á yàtọ̀ síra. Èwo ni kí n sọ pé ó tọ́? Oṣù Kẹrin ni kó o kọ ọ́ sí." Òun ló tọ́. Ọdún kan náà ni oṣù méjèèjì wà, torí náà àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti bọ́ sípò. Ínfọ́ìsì kejì pàápàá, ọjọ́ 20, Oṣù Kẹta, ló wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Oṣù Kẹrin ni mo fi ṣe ọjọ́ ìkọsílẹ̀. Ká ní ọdún tó ti kọjá tí a ti ti ìwé rẹ̀ pa ni, tí iye náà sì tóbi tó láti yí ojú ìwé padà, kì í ṣe ohun ìkọ̀wé ọdún tuntun la ó fi tún un ṣe. IAS 8, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tó sọ bí a ṣe ń tún àṣìṣe ọdún tó kọjá ṣe, ní kí a padà tún iye ọdún tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ni pé ìròyìn Oṣù Kẹrin jáde pẹ̀lú iye tó ṣàjèjì. 31,000 la ná lórí ohun ìkọ̀wé lóṣù náà, ṣùgbọ́n -209,000 ló hàn níbẹ̀. Mo kọ ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ. Mo tún wo àpapọ̀ Gbèsè Olùpèsè, ó bá àkójọ orúkọ mu. Ojú ewé àwọn atúnẹ̀rọṣe jẹ́ òdo. Iye báńkì kò yí.

Òfin `SUPPLIES` ni mo parí sí. Mo fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá, mo wá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ilé ìtajà pépà kan. Mo fi orúkọ ilé ìtajà yẹn lódindi rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, mo sì tú àmì tó ń jẹ́ kó kọ nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó máa dá àbá. Èmi ni màá máa tẹ̀ ẹ́.