Iná háńdìbúréèkì tí kò kú: ẹ má tíì ra nǹkan kan

Ẹ ti tú háńdìbúréèkì sílẹ̀, lífà ti balẹ̀, síbẹ̀ iná pupa tí wọ́n kọ BRAKE sí ṣì ń wò yín lójú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ti ra kéébù tuntun nítorí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹni tó ti pààrọ̀ páàdì iwájú àti ṣúù ẹ̀yìn ń bọ̀, iná ò sì kú. Ó ti sú mi. Kòrólà tòkunbọ̀, 2003 sí 2008, ni mo ń bá wí, torí òun ló kún ọgbà mẹkáníìkì mi ní Ìbàdàn. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí lórí iná náà nìyí.

1. Ríra nǹkan kí ẹ tó mọ ẹni tó tan iná.

Ọ̀nà méjì ló ń tan iná kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan ni súwíṣì kékeré tó wà lábẹ́ lífà háńdìbúréèkì. Ìkejì wà nínú ike ọ́ìlì búréèkì lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì: nǹkan kan ń léfòó lórí ọ́ìlì níbẹ̀, bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ tó, iná á tàn. Kò sí wáyà kankan tó dé ìdí páàdì Kòrólà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "sẹ́ńsọ̀ páàdì ló bàjẹ́", ẹ ní kó fi hàn yín.

Páàdì lè tan iná náà o, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló máa ń rán níṣẹ́. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ, písítìnì inú káálípà ń jáde láti lé e bá, ọ́ìlì á sì wọlé lọ dí àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn písítìnì. Bí ọ́ìlì inú ike ṣe ń fà sẹ́yìn nìyẹn láìjẹ́ pé ó jò síbì kan.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ fi ọwọ́ tẹ lífà mọ́lẹ̀ gan-an. Bí iná bá kú nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tó tún tàn nígbà tí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ìdí lífà ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, tàbí tí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, ló ń tàn, tó sì ń kú tí ọkọ̀ bá tọ́, ọ́ìlì ló ń mì lọ mì bọ̀ nínú ike tí kò kún. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ ṣí ike tó bo ìdí lífà, ẹ yọ wáyà súwíṣì. Wáyà kan péré ni. Iná kú? Súwíṣì ni. Kò kú? Ẹ dá a padà, kí ẹ lọ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ike ọ́ìlì. Bó bá kú níbẹ̀, ọ́ìlì ni.

Bó bá sì jẹ́ súwíṣì, ẹ má sáré ra tuntun. Bí lífà bá balẹ̀, ó yẹ kó tẹ imú súwíṣì wọlé, ìyẹn ló ń pa iná. Lọ́pọ̀ ìgbà, bóòtù tó dì í mú ló tú, tí lífà ò fi débẹ̀ mọ́, tàbí kí ìdọ̀tí má jẹ́ kí lífà balẹ̀ tán. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo ti hú jáde níbẹ̀: èèpo ẹ̀pà, bírò ọmọ iléèwé, mínírà tó dà tó sì ti gbẹ bí oje igi. Ẹ nu ún, ẹ dè é le, ó parí. Mo ń gbowó lórí èyí, ojú sì máa ń tì mí díẹ̀.

2. Gbígbà pé iná yẹn mọ̀ bóyá búréèkì ẹ̀yìn ti tú. Lífà nìkan ló mọ̀. Kéébù lè dípẹtà kí ṣúù máa gbá dírọ́ọ̀mù mú, kí iná sì kú fin-ín. Bí wíìlì ẹ̀yìn bá ń gbóná tó ń rùn, ẹ wo kéébù.

3. Fífi ọ́ìlì kún un kí iná lè kú.

Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Iná tàn, wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì wà ní MIN, wọ́n da ọ́ìlì sí i dé MAX, iná kú, oníkálukú gbalé lọ. Ṣé ẹ rí i pé ẹ ti pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín? Nǹkan tó mú ọ́ìlì lọ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Màmá kan gbé Kòrólà 2005 wá. Iná ti tàn fún wọn nígbà kan, mẹkáníìkì wọn bu ọ́ìlì sí i, ó kú. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ariwo irin bẹ̀rẹ̀ níwájú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣebí iná ò tàn, mo rò pé kò sí wàhálà." Mo tú wíìlì: páàdì inú ti jẹ dé irin, dísíkì ti ya ilà bí ebè. Páàdì tuntun máa ń nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá àti díẹ̀. Tó bá ti ku 3, mo máa ń ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Tiwọn ò ku nǹkan kan. Owó páàdì nìkan ni wọn ì bá san, ó di owó páàdì àti dísíkì méjèèjì.

Kò tíì tán. Kí páàdì tuntun tó lè wọlé, a gbọ́dọ̀ ti písítìnì padà sínú káálípà, ọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ á sì padà sínú ike. Ike tí wọ́n ti kún dé MAX, ibo ni tibẹ̀ fẹ́ gbà? Mo kọ́kọ́ fi sírínjì fa èyí tó pọ̀ jù jáde, torí tó bá ṣàn sára ọkọ̀, á bó ọ̀dà. Ká ní wọn ò da nǹkan kan sí i ni, páàdì tuntun fúnra rẹ̀ ni ì bá gbé ọ́ìlì padà sókè, iná ì bá sì kú láìlo ẹ̀kán kan.

Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, páàdì lẹ kọ́kọ́ ń wò. Bó bá ṣì nípọn dáadáa, á jẹ́ pé ó ń jò. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó tutù, pàápàá ìdí dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ gíà ọwọ́ ni, ẹ wo ìdí kílọ́ọ̀ṣì náà, torí inú ike kan náà ló ti ń mu ọ́ìlì. Ọkọ̀ tó ń jò, ẹ má gbé e jáde.

Nọ́ńbà ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ kàn máa gbọ́ ìyókù.

Dída ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti síárìn sínú ike búréèkì: á wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. DOT 3 ni, ó wà lórí ìdérí.

Yíyọ gílóòbù kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí gígé wáyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́, kó gbé háńdìbúréèkì sókè. Bí iná yẹn ò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti gé e, kó bèèrè ìdí.

Bí ẹ bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, tí iná ò kú, ó lè jẹ́ wáyà ló bó tó ń kan irin ara ọkọ̀. Bí iná ABS bá tún tàn pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní súwíṣì àti páàdì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè ka kóòdù ABS, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń kà á.