Ẹ fi àpẹẹrẹ kún iṣẹ́ tí ẹ bá rán

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnìkan bá yín tún ìwé kọ, ẹ má kàn ní "ẹ jẹ́ kó dà bí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́." Ẹ kọ gbólóhùn kan bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, kí ẹ fi kún un. Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ ńláńlá lẹ fẹ́, kí ẹlòmíràn sì rò pé kó ṣe ṣókí ni. Ẹ jẹ́ ká ní ìkéde tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún kọ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ o, owó oṣù ẹgbẹ́ ti tó san, ẹ má jẹ́ ká máa pariwo!" Àpẹẹrẹ tí ẹ máa fi ránṣẹ́ lè jẹ́: "A ń rán gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ létí pé ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé." Ẹni tó kà á ti rí i pé kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ariwo, àkókò sì ṣe pàtó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ti ìpàdé, kì í ṣe ti owó, torí àwọn kan máa ń da àpẹẹrẹ kọ pátápátá. Bí "aago 4" bá yọjú nínú ìkéde owó, ẹ fi àpẹẹrẹ kejì kún un, kí ẹ sì sọ ohun tí wọn yóò mú nínú àwọn àpẹẹrẹ náà.