Bí kíréètì ẹyin ṣe di ọpọ́n ayò wa ní Lẹ́kí

Ní ìparí oṣù Keje tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra láti Òṣogbo lọ lo ọjọ́ mẹ́ta létí òkun ní Lẹ́kí, nítorí pé odò Ọ̀ṣun ni omi tó tóbi jù lọ tí àwọn ọmọ náà tíì fojú rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, wọ́n ṣa ìkarahun kún ike kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ dá mọ́. Màmá tó ni ilé tí a dé sí kìlọ̀ fún wa pé bí ó bá tilẹ̀ dá lọ́sàn-án, kí a má ṣe wọ omi, nítorí pé ìgbì yóò ṣì máa ru, omi sì lè fa ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá kúrò létí òkun. Omi òjò tún ti gba ojú títì, nítorí náà mo pinnu pé inú ilé ni a ó wà.

Ìjà lórí fóònù ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo rántí ayò. Ọpọ́n bàbá mi wà nílé l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n mo rí kíréètì ẹyin tó ti ṣófo ní ilé ìdáná màmá náà. Ihò 30 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà márùn-ún. Mo fi ọ̀bẹ gé ìlà méjì tó fara kanra jáde, ó sì jẹ́ ihò 12, èyí tí ayò ń fẹ́ gan-an, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e sórí tíréè, kí ọmọ ayò tó bá ta dànù má baà wọ abẹ́ àga.

Ọmọ ayò ló fún mi níṣẹ́. Ẹ̀pà yíyan ni mo kọ́kọ́ lò, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ 48 lápapọ̀. Nígbà tí eré àkọ́kọ́ parí, àkọ́bí mi jẹ 24, àbúrò rẹ̀ jẹ 21, àwọn méjèèjì sì ń bú ara wọn ní olè. Bí iye tí àwọn méjèèjì jẹ àti èyí tó kù nínú ọpọ́n kò bá pé 48, ọmọ ayò ti sọ nù nìyẹn. Àbíkẹ́yìn wa tó jókòó ṣe òǹwòran ṣì ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. A wá yan ìkarahun kéékèèké 48 nínú ike, a fọ̀ wọ́n, a sì nù wọ́n gbẹ dáadáa, nítorí pé ìkarahun tútù máa ń mú kí kíréètì rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ ayò ni àwọn ọmọ náà kò tètè lóye, ohun tó sì jẹ́ kí ó yé wọn ni pé a dúró wo eré kan. Mo ní ọmọ márùn-ún nínú ilé mi kẹrin láti apá òsì. Mo kó wọn, mo sì ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan lọ sí apá ọ̀tún: ilé mi karùn-ún, ẹ̀kẹfà, lẹ́yìn náà mẹ́ta nínú ilé àkọ́bí mi. Èyí tó gbẹ̀yìn bọ́ sínú ilé tí ọmọ kan ṣoṣo wà, ó di méjì, mo jẹ ẹ́. Ilé tó ṣáájú rẹ̀ ti ní méjì, ó di mẹ́ta, mo jẹ òun náà. Ṣùgbọ́n ilé tó tún ṣáájú ìyẹn ti di márùn-ún, nítorí náà mo dúró níbẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta nìkan là ń jẹ, ní ilé ẹnìkejì nìkan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí. Bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo pátá, ó di dandan kí o ta ọmọ sí i tí o bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin yìí ni àkọ́bí mi kọ̀ jálẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi dá sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò di winniwinni, a sì lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà màmá Nike Okundaye, tí kò jìnnà síbi tí a wà. Àjà márùn-ún ni ilé náà, a kò sì sanwó ìwọlé. Òṣogbo ni màmá náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, èyí sì mú orí àwọn ọmọ wú. Ohun tí mo dúró tì jù ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé ni aró kì í mú. Wákàtí méjì kò tó wa níbẹ̀.

Kíréètì náà ti ya kí a tó ta eré ìkẹyìn. Mo kó ìkarahun náà sínú báàgì, mo sì kà wọ́n nígbà tí a dé Òṣogbo kí n tó gbé ọpọ́n bàbá mi sílẹ̀: wọ́n jẹ́ 47.