Ẹ Má Fi Ojú Ọlọ́jà Ka Àlàyé Ọjà Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títa Àdìrẹ Lórí Ayélujára

Irú àlàyé báyìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ lórí ayélujára n'Ìbàdàn:

> Ojúlówó àdìrẹ tó dáńgájíá! Ó rẹwà, ó gbayì, kúálítì rẹ̀ ga. Kò ní ṣí láéláé. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nílẹ̀. A ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye rẹ̀. Ẹ fóló wa, ẹ ṣe láìkì, ẹ wo àwọn ọjà wa yòókù.

Ẹni tó kọ ọ́ ti kà á tán, ó sì gbà pé kò sí ohun tó kù. Ó yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀, torí aṣọ náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé yáàdì 5 ni, ó mọ̀ pé aṣọ òwú ni, ó mọ iye tó fẹ́ gbà. Bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà ni ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń bá a dí gbogbo ihò tó wà nínú rẹ̀. Oníbàárà tó jókòó sí Ọ̀jọ́ọ̀ tó ń wo fóònù kò ní ohun tó máa fi dí ihò kankan.

Nítorí náà, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ọlọ́jà máa yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Èkejì tó tẹ̀lé e gbọọrọ ni kó gbé e fún ọ̀rẹ́ kó sì bi í pé, "Ṣé ó dáa?" Ta ló máa wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní kò dáa? "Ó dáa gan-an" lẹ máa gbọ́, kò sì wúlò fún ohunkóhun. Ẹ wá ẹni tí kò tíì fojú kan aṣọ náà. Ẹ fún un ní fóònù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, torí orí fóònù ni oníbàárà yín wà, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló sì máa ń hàn kó tó tẹ ibi tó máa fi rí ìyókù. Ẹ jẹ́ kó wò ó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba fóònù padà, kí ẹ wá bi í ní nǹkan márùn-ún: Kí ni wọ́n ń tà? Báwo ló ṣe gùn tó, báwo ló sì ṣe fẹ̀ tó? Èló ni gbogbo owó tó máa jáde lápò ẹ títí aṣọ á fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ? Bó bá dé tí kò jọ ohun tó o rí ńkọ́? Kí lo máa tẹ̀ báyìí bó o bá fẹ́ rà á?

Ibi tó bá ti ní "bóyá" tàbí "mo rò pé", ẹ sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àlàyé yín ti jò. Bẹ́ ẹ bá yẹ àlàyé tó wà lókè yìí wò lọ́nà yìí, ìbéèrè kìíní nìkan ló máa rí ìdáhùn, ìdajì ìdáhùn sì ni: àdìrẹ ni, àmọ́ àdìrẹ wo?

Oríyìn kì í ṣe àlàyé

Ẹ mú bírò, kí ẹ fagi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ta bàtà tàbí ìkòkò náà lè lò. "Ojúlówó" á lọ, "dáńgájíá" á lọ, "ó gbayì" á tẹ̀ lé wọn, "kúálítì" náà ò ní gbẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọn ò kàn jẹ́ kí oníbàárà lè ya aṣọ yín sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíì ni, wọ́n sì gba ìlà tí ìwọ̀n aṣọ ì bá wà.

Ohun tó yẹ kó rọ́pò wọn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe aṣọ náà. Ṣé ẹlẹ́kọ ni, tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró? Ṣé oníko ni, tí wọ́n fi ìko dì? Àbí alábẹ́rẹ́, tí wọ́n fi okùn rán? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tà á ní iye tirẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pípè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ló burú. Oníbàárà tó bá gbọ́n á yí ẹ̀yìn aṣọ wò nígbà tó bá dé. Aṣọ tí wọ́n rì sínú aró máa ń mu aró dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ sì sábà máa ń funfun lẹ́yìn. Iṣẹ́ ara ti ẹ̀rọ tún máa ń jọra wọn láìyàtọ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn kì í ya ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ kan ṣoṣo ṣe é gbà gbọ́ ju "ojúlówó" mẹ́wàá lọ.

Bẹ́ ẹ bá sì dárúkọ iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀, kó hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó bá kọ "Ìbàdàn dùn" gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a rí òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ náà mọ̀.

"Yáàdì 5" nìkan ò tó

Yáàdì 5 jẹ́ íńṣì 180, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 457. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì lórí tábìlì, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún yín gbọ́, torí aṣọ tí wọ́n pè ní yáàdì 5 lè dín. Lẹ́yìn náà ni fífẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í kọ rárá. Télọ̀ kò lè sọ bóyá aṣọ tó láìmọ bó ṣe fẹ̀ tó: yáàdì 5 tó fẹ̀ ní íńṣì 45 àti yáàdì 5 tó fẹ̀ ní íńṣì 36 kò dọ́gba. Ẹni tó kọ "ó tó bùbá àti ìró" láìkọ fífẹ̀ ti ṣèlérí ohun tí kò wọ̀n.

"Kò ní ṣí láéláé"

Èyí ló léwu jù, torí pé ó dùn-ún kọ, ó sì rọrùn fún oníbàárà láti já nírọ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà. Nínú ìkòkò aró tó ti jinná, aró yọ́ pọ̀ mọ́ omi, ó sì wọ inú òwú. Bí aláró bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé àti ìyeyè ló máa ń ní ná, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú níṣojú ẹni. Láti ìgbà yẹn, aró náà kì í yọ́ nínú omi mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lára aṣọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọnú òwú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ òde máa ń bọ́ bí a bá fi ọwọ́ ra á tàbí bí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Aró èlú àti aró búlúù ti ilé iṣẹ́ ń ṣe bákan náà. Aṣọ aró tó ń yọ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò bàjẹ́, àmọ́ oníbàárà tí ẹ ti sọ fún pé kò ní yọ rárá máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun gbígbẹ, ẹ fi ra ara aṣọ lọ, ra á bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ mú òmíràn, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, níbi tí oòrùn kò ti ràn sí wọn tààrà. Ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ máa kọ: "Aró rẹ̀ máa yọ nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun." Ọlọ́jà kan lè rò pé ìlà yìí á lé oníbàárà. Bó bá tiẹ̀ lé díẹ̀ nínú wọn, ẹni tí ì bá dá aṣọ padà ló lé.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́: iṣẹ́ ọwọ́ kì í jọra, nítorí náà ẹ sọ bóyá aṣọ inú fọ́tò gan-an lẹ máa fi ránṣẹ́ àbí irú rẹ̀.

Ẹ̀gún ìbéèrè owó

"Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye rẹ̀" máa ń jẹ́ kí oníbàárà rò pé ojú òun ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó dá owó lé e. Ó tún ta ko òfin: Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018, abala 115, sọ pé kí ẹni tó bá gbé ọjà kalẹ̀ fún títà fi iye rẹ̀ hàn. Ẹ kọ iye aṣọ, kí ẹ kọ owó ìfiránṣẹ́ sí ìdí rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. "Síbi gbogbo" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ mọ èló ni wọ́n máa gbà dé Bódìjà.

Àṣẹ mẹ́ta ló wà ní ìparí àlàyé yẹn: fóló, láìkì, wo ọjà mìíràn. Kò sí èyí tó ní kó ra aṣọ yìí nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó kù fún oníbàárà láti ṣe. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi ń gba iṣẹ́, ẹ lo ìlà tó máa ṣí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún un:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20AD07
```

Nọ́ńbà yín lẹ máa fi dípò àwọn X, láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀, láìsí àmì `+`, láìsí àlàfo. Ẹni tó bá kọ `2340803` dípò `234803` ti já ìlà náà, ó sì lè pẹ́ kó tó mọ̀, torí kì í tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. `%20` ló dúró fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. `AD07` ni àmì aṣọ yìí, kí ẹ má baà tún máa bi oníbàárà pé "èwo nínú wọn?" Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò láti orí fóònù ẹlòmíì.

Ẹ wo àlàyé náà lẹ́yìn àtúnṣe. Àpẹẹrẹ ni owó inú rẹ̀:

> Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ "Ìbàdàn dùn", aṣọ òwú. Yáàdì 5, fífẹ̀ íńṣì 45. ₦18,000. Ìfiránṣẹ́ láàárín Ìbàdàn ₦2,000, ọjọ́ 2.
> Ọwọ́ la fi ya á, aṣọ inú fọ́tò gan-an lẹ máa gbà. Aró rẹ̀ máa yọ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́: omi tútù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Bí kò bá jọ fọ́tò, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ 3 láìtíì gé e, a ó dá owó yín padà.
> Ẹ tẹ ìlà yìí láti rà á.

Ìwọ̀n àti owó ló ṣáájú, torí ìlà àkọ́kọ́ ló máa hàn lórí fóònù. Ẹ má kọ ọjọ́ 3 ìdápadà bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní mú un ṣẹ. Ó sàn kẹ́ ẹ kọ pé "a kì í gbà á padà àyàfi bó bá ní àbùkù" kó hàn gbangba.

Aṣọ kan ṣoṣo bí èyí máa ń tán lọ́jọ́ kan. Bó bá ti tán, ẹ yọ ìlà ríra kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ "Ó ti tà" síwájú, kí ẹ sì fi ìlà aṣọ tó jọ ọ́ jù lọ sí ipò rẹ̀.