Mátíríìsì láti B sí C: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ìbéèrè yìí kì í gùn nínú ìdánwò. Wọ́n á fún yín ní ìyípadà onílà T, wọ́n á fún yín ní ìpìlẹ̀ B fún ààyè tí T ti ń gbéra, àti ìpìlẹ̀ C fún ààyè tó ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n á wá ní kí ẹ kọ mátíríìsì T láti B sí C. Tó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ àjùmọ̀lò ni, ìyẹn (1, 0) àti (0, 1) tí gbogbo wa mọ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí B àti C bá ti yàtọ̀ sí ìyẹn ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, mo sì ti rí i pé kì í ṣe ìṣirò ló ń dá wọn dúró. Ìṣirò wọn máa ń tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ṣírò ni kì í ṣe ohun tí wọ́n bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan, ká tẹ̀lé e délẹ̀. T yìí ń gba fẹ́kítọ̀ oníye méjì, ó sì ń sọ ọ́ di oníye mẹ́ta:

```
T(x, y) = (x + y, y, x - y)

B:  b1 = (1, 1)      b2 = (1, 2)
C:  c1 = (1, 0, 0)   c2 = (1, 1, 0)   c3 = (1, 1, 1)
```

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni kéèyàn dúró sí àárín ọ̀nà. Ọmọ á fi b1 sínú T, á rí (2, 1, 0). Á fi b2 sínú rẹ̀, á rí (3, 2, -1). Inú rẹ̀ á dùn, á to méjèèjì sí òpó méjì, á fa ìlà sí i nídìí:

```
2   3
1   2
0  -1
```

Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo sì di ẹni tó máàkì ìwé mi sínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo mátíríìsì yẹn dáadáa: níbo la ti lo C? A ò lò ó rárá. Bí wọ́n bá pààrọ̀ C sí ìpìlẹ̀ mìíràn lónìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ò ní yí padà níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń dá àṣìṣe yìí mọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ nìyẹn. Mo máa ń wá ibi tí c1, c2 àti c3 ti wọ inú iṣẹ́ wọn. Tí mi ò bá rí i, mo ti mọ̀ pé wọn ò tíì dé ilé.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń wọn gààrí lọ́jà. Gààrí inú àpò kan kì í yí padà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi kóńgò wọ̀n ọ́n, iye kan lẹ máa kà. Tẹ́ ẹ bá fi dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, iye mìíràn ni. T(b1) ni gààrí wa. (2, 1, 0) ni iye tí a kà nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ àjùmọ̀lò wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè wá ní ká fi C wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni pé c1 mélòó, c2 mélòó àti c3 mélòó la máa pa pọ̀ kó tó di (2, 1, 0)? Iye mẹ́ta yìí là ń pè ní kọ́dínéètì rẹ̀ nínú C, òun ló sì gbọ́dọ̀ wọ inú òpó kìíní.

Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní p, q àti r. Láti ìsàlẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí c3 nìkan ló ní nǹkan ní ipò kẹta. Ipò kẹta (2, 1, 0) jẹ́ 0, nítorí náà r = 0. Ní ipò kejì, c2 àti c3 ló wà níbẹ̀, q + r gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, torí náà q = 1. Ní ipò kìíní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, p + q + r = 2, torí náà p = 1. Ẹ ṣe bákan náà fún (3, 2, -1): r = -1, q = 3, p = 1. Mátíríìsì tí wọ́n bi yín nìyí:

```
M =   1   1
      1   3
      0  -1
```

Àwọn kan máa dé ibí yìí tán, wọ́n á wá tẹ́ (1, 1, 0) sílẹ̀ ní ìbú dípò kí wọ́n gbé e dúró ní òró. Níbi tí a wà yìí, ìwọ̀n rẹ̀ ló máa tú yín fó. Fẹ́kítọ̀ méjì ló wà nínú B, nítorí náà òpó méjì. Mẹ́ta ló wà nínú C, nítorí náà ìlà ìbú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ méjì sí méjì ni wọ́n bi yín, ìwọ̀n ò ní sọ nǹkan kan fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ọmọ kan pè mí lórí fóònù, kò tilẹ̀ kí mi tán. "Bùrọ̀dá, mátíríìsì tẹ́ ẹ kọ́ wa yẹn ò ṣiṣẹ́ o." Ó mú fẹ́kítọ̀ (3, 5), ó fi sínú T tààrà, ó rí (8, 5, -2). Ìyẹn tọ̀nà. Ó wá fi M sọ (3, 5) kan náà di púpọ̀, ó rí (8, 18, -5). Ohun tó kó bá a ni 8 yẹn. Nítorí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ bára mu, ó rò pé ìṣirò òun ló ṣe ségesège ní méjì tó kù, ó sì ti tún un ṣe nígbà mẹ́ta kó tó pè mí. Bẹ́ẹ̀, 8 yẹn kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ìlà ìbú àkọ́kọ́ M jẹ́ 1 àti 1, ohun àkọ́kọ́ tí T náà ń ṣe sì ni x + y.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó fún M ní oúnjẹ tí M kì í jẹ. Kọ́dínéètì inú B nìkan ni M ń gbà. (3, 5) kì í ṣe kọ́dínéètì inú B. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá a:

```
a(1, 1) + b(1, 2) = (3, 5)
a + b = 3,  a + 2b = 5
b = 2,  a = 1
```

Fi M sọ (1, 2) di púpọ̀, ẹ máa rí 3, 7, -2. Mo sọ èyí fún un, ó tún figbe ta pé kò ṣì jọ (8, 5, -2). Mo ní kó ní sùúrù. Ohun tó ń jáde lẹ́nu M, kọ́dínéètì inú C ni, kì í ṣe fẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀. Kó kó c1 mẹ́ta àti c2 méje jọ, kó yọ c3 méjì kúrò: ipò kìíní 3 + 7 - 2 = 8, ipò kejì 7 - 2 = 5, ipò kẹta -2. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Áà." Ìdánwò tí mo máa ń ní kí wọ́n fi yẹ iṣẹ́ wọn wò nìyẹn, tí wọn ò bá ti gbàgbé láti yí nọ́ńbà padà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì.

Àwọn tó fẹ́ràn fọ́múlà náà ní ọ̀fìn tiwọn. Ẹ pe mátíríìsì T nínú ìpìlẹ̀ àjùmọ̀lò ní A, ẹ to b1 àti b2 sí òpó P, kí ẹ to c1, c2 àti c3 sí òpó Q. Fọ́múlà tó tọ̀nà ni

```
M = Q⁻¹ A P
```

Ọ̀pọ̀ ń kọ P⁻¹ A P, nítorí òun ni wọ́n há sórí nínú orí ìwé mìíràn. Ìyẹn wúlò nígbà tí T bá ń gúnlẹ̀ sí ààyè tó ti gbéra, tí ìpìlẹ̀ kan náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbí, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe, torí P⁻¹ jẹ́ méjì sí méjì, A sì ní ìlà ìbú mẹ́ta. Àwọn mìíràn ń kọ Q síbi tó yẹ kí Q⁻¹ wà. Ẹ má há a sórí, ẹ kà á láti ọ̀tún lọ sí òsì. P gba kọ́dínéètì inú B, ó sọ ọ́ di fẹ́kítọ̀ lásán. Mátíríìsì A ṣe iṣẹ́ T. Ẹ ti rí i lókè pé Q ló ń sọ 3, 7, -2 di 8, 5, -2, ìyẹn láti C sí ìta. Àwa ń wọlé lọ sínú C ni, torí náà ìdàkejì rẹ̀ la nílò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò:

```python
import numpy as np
A = np.array([[1, 1], [0, 1], [1, -1]])
P = np.column_stack([(1, 1), (1, 2)])
Q = np.column_stack([(1, 0, 0), (1, 1, 0), (1, 1, 1)])
print(np.linalg.solve(Q, A @ P))
```

Ẹ kíyè sí `column_stack`. Tẹ́ ẹ bá to fẹ́kítọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn sínú `np.array` lásán, ìbú ló máa tẹ́ wọn sí, Q á sì dojú dé. Kọ̀ǹpútà ò ní ráhùn. Á kàn fún yín ní mátíríìsì tí òpó rẹ̀ jẹ́ (2, -1, -1) àti (3, -1, -3), ẹ̀yin náà á sì dà á kọ. Irú àṣìṣe kan náà lórí P ò tilẹ̀ ní hàn rárá nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí P yìí rí bákan náà ní òró àti ní ìbú. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà pé "ó jáde lórí kọ̀ǹpútà" jẹ́ ẹ̀rí.

Ibì kan ṣẹ́ kù tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ mi: nígbà tí nǹkan inú ìpìlẹ̀ kì í bá ṣe nọ́ńbà tí a tò. Ẹ mú D, iṣẹ́ inú kálíkúlọ́ọ̀sì tó ń sọ x² di 2x. Ẹ fún un ní ìpìlẹ̀ 1, 1 + x, 1 + x + x² níbi tó ti ń gbéra, àti 1 + x, 1 - x níbi tó ń gúnlẹ̀ sí. D sọ 1 + x di 1. Wọ́n á rí 1, wọ́n á kọ (1, 0) kíákíá. Ṣùgbọ́n 1 kò sí nínú ìpìlẹ̀ kejì! Ìdajì 1 + x àti ìdajì 1 - x ló máa ń pa pọ̀ di 1, torí náà (1/2, 1/2) ni. D sọ 1 + x + x² di 1 + 2x, èyí tó jẹ́ 3/2 nínú 1 + x àti -1/2 nínú 1 - x. Bí ẹ bá ka 1 - x ṣáájú 1 + x, ìlà ìbú méjèèjì á pààrọ̀ ipò, torí náà ẹ má tún ìpìlẹ̀ tò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìbéèrè.

Ti 1 àkọ́kọ́ ńkọ́? D sọ ọ́ di 0. Àwọn kan máa fò ó, wọ́n ní òfo ni, wọ́n á sì kó òpó méjì tó kù sílẹ̀ bí ìdáhùn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́, òpó mẹ́ta la sì gbọ́dọ̀ rí, òfo tàbí kíkún:

```
0   1/2    3/2
0   1/2   -1/2
```